Àpótí Tó Ṣófo Lórí Fọ́ọ̀mù Ìwádìí Oògùn

Lọ́dún 2017 ni àbájáde ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní WOMAN jáde. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ju èyí lọ: bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ṣé oògùn tiranẹsámíìkì áásìdì, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tún yọ́, lè dóòlà ẹ̀mí rẹ̀? Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera àti ìṣègùn ilẹ̀ olóoru tó wà ní Lọ́ńdọ̀n ló darí ìwádìí náà, ilé ìwòsàn 193 ní orílẹ̀-èdè 21 ló sì kópa, Nàìjíríà wà lára wọn. Àwọn obìnrin tó wọ̀ ọ́ jẹ́ 20,060. Wọ́n fún nǹkan bí ìdajì wọn ní oògùn, wọ́n fún ìdajì tó kù ní omi iyọ̀ lásán, kò sì sí dókítà tàbí aláìsàn tó mọ èyí tó wà nínú ìgò.

Nínú àwọn tó gba oògùn, obìnrin 155 ni ẹ̀jẹ̀ dídà pa. Nínú àwọn tó gba omi iyọ̀, 191 ni. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ ẹni 36. Ẹ wá fi nọ́ńbà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: nínú 20,060 tó wọlé, àwọn tó wà nínú ìṣirò ìgbẹ̀yìn jẹ́ 20,021, ìyẹn ni pé 39 péré ni kò sí níbẹ̀. Ká ní àwọn tí a kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn já sí tó 3,900 ni, ta ló máa gbà wá gbọ́ pé ẹni 36 yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríire? Iṣẹ́ tó ń mú kí àìsí kéré báyìí, tó sì ń mú kí a mọ irú àìsí tó jẹ́, ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó ń ṣe é kì í sí nínú fọ́tò. Wọ́n jókòó sí kọ̀rọ̀ kan nínú wọ́ọ̀dù pẹ̀lú fáìlì aláìsàn lápá òsì àti fọ́ọ̀mù ìwádìí lápá ọ̀tún, wọ́n ń da ọ̀rọ̀ inú ti àkọ́kọ́ kọ sínú ti èkejì.

Fáìlì àti fọ́ọ̀mù kì í sọ èdè kan náà. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ló ni fáìlì. Ó kọ ọ́ lóru, lórí ìdúró, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ó sì kọ ohun tí dókítà tó ń bọ̀ láàárọ̀ nílò láti mọ̀. Àwọn tó ń ṣèṣirò ló ni fọ́ọ̀mù. Wọ́n fẹ́ kí ìdáhùn kan náà rí bákan náà láti Ìbàdàn dé Karáṣì, nítorí náà àpótí kọ̀ọ̀kan ní iye tàbí kóòdù tó lè wọ inú rẹ̀: 1 fún bẹ́ẹ̀ ni, 0 fún bẹ́ẹ̀ kọ́, wákàtí ní ọ̀nà mẹ́rìnlélógún, ọjọ́, oṣù àti ọdún lẹ́sẹẹsẹ.

Bí fáìlì bá dákẹ́ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù béèrè pé: ṣé obìnrin yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀? Fáìlì kò sọ nǹkan kan. Ọwọ́ á fẹ́ yára kọ 0, nítorí ó dà bíi pé bó bá ní in wọn ì bá ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n 0 túmọ̀ sí pé ẹnì kan béèrè, ìdáhùn sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bóyá kò sẹ́ni tó béèrè. Bóyá obìnrin náà kò mọ ara rẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé, tí kò sì sẹ́ni tí wọn ì bá bi. Fífi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo kò sì ṣàtúnṣe rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá òfìfo yẹn wá láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, láti inú fáìlì, tàbí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń da á kọ tó gbàgbé ìlà kan. Ìdí nìyí tí fọ́ọ̀mù tó dáa fi ní àmì fún oríṣiríṣi àìsí. Kóòdù wọn yàtọ̀ láti ìwádìí kan sí òmíràn. Nínú àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ lò, mẹ́rin ni: -6 bí ìbéèrè náà kò bá kan aláìsàn yìí rárá, -7 bí wọ́n bá gbìyànjú àtiwọ̀n ọ́n tí kò ṣeé wọ̀n, -8 bí ó bá hàn kedere pé wọn kò ṣe é, -9 bí fáìlì kò bá sọ ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan. Mo fi oríṣiríṣi nǹkan tó wọ́pọ̀ hun ìtàn rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ọmọ ọdún 28 ni, ilé àgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì ló bímọ sí, wọ́n sì fi mọ́tò gbé e wá sí ilé ìwòsàn ńlá ní òru. Ìwé tí àwọn àgbẹ̀bí fi ránṣẹ́ kò ní wákàtí kankan. Nọ́ọ̀sì tó gbà á wọlé bi ọkọ rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, aago mélòó ni ìyàwó yín bí?” Ọkọ ní, “Á tó bí aago mọ́kànlá alẹ́, mà.” Nọ́ọ̀sì kọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pé ọkọ ló sọ ọ́. Ìwé ìgbàwọlé fi hàn pé wọ́n dé ní 00:25. Wọ́n kọ pé aṣọ rẹ̀ rin gbindin fún ẹ̀jẹ̀, wọn kò kọ iye. Wọ́n kọ pé ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ jẹ́ 140 ní ìṣẹ́jú kan, pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé kà. Lórí páálí oògùn, wọ́n kọ pé oògùn ìwádìí wọlé ní 12:40, ẹnì kan sì fọwọ́ sí i. Ìlà oògùn kejì wà níbẹ̀, kò sí àkókò, kò sí ọwọ́. PCV rẹ̀ jáde ní 17. Ó lọ sílé ní ọjọ́ kẹfà.

Ẹ wo bí ìpín àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn tó ti di kóòdù:

```
BIRTH_DT      2024-05-14 23:00
BIRTH_EST     1
DOSE1_DT      2024-05-15 00:40
DOSE2_GIVEN   -9
EBL_ML        -9
SBP           -7
PCV_PCT       17
HB_GDL        -8
```

Àpótí SBP ni kí a kọ́kọ́ dúró lé lórí, ìyẹn nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, torí òun ló ń dùn mí jù nígbà tí wọ́n bá ṣe é láṣìṣe. “Kò ṣeé kà” kì í ṣe àìsí. Nọ́ọ̀sì fẹ́ aṣọ tó so mọ́ apá rẹ̀, ó fi etí gbọ́, kò gbọ́ nǹkan kan, torí ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú iṣan kò tó láti dún. Ìròyìn tó burú jù lórí gbogbo ojú ìwé náà nìyẹn. Bí ẹni tó ń da á kọ bá fi -9 sí i, obìnrin yìí á di ọ̀kan náà pẹ̀lú aláìsàn tára rẹ̀ le tí nọ́ọ̀sì gbàgbé láti wọn ìfúnpá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn oníṣirò máa ń wo àwọn tí a ní iye fún, tí wọ́n á fi bu iye tó ṣeé ṣe kí ẹni tí kò ní iye ní. Tí -9 bá wà níbẹ̀, wọ́n lè bu ohun bí 105 fún obìnrin tó wà lẹ́nu ikú. -7 ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwádìí kan tilẹ̀ pàṣẹ pé kí “kò ṣeé kà” wọlé gẹ́gẹ́ bí òdo. Bó ti wù kó jẹ́, ìwé ìlànà ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú, kì í ṣe ẹni tó jókòó sí wọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò ju àpótí kan lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara aláìsàn tó burú jù ni fáìlì rẹ̀ máa ń ṣófo jù. Bí obìnrin kan bá ń kú lọ, ọwọ́ mẹ́ta tó wà nínú yàrá náà ń wá iṣan, wọ́n ń fún ilé ọmọ, wọ́n ń sáré lọ gbé ẹ̀jẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé. Èyí tó kú ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó dé lè máà ní PCV rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá yọ gbogbo àwọn tí àpótí wọn kò pé kúrò nínú ìṣirò ti yọ àwọn tó kú kúrò, tí kò sì mọ̀. Wọ́ọ̀dù á wá rí lójú ìwé bí ibi tí ara gbogbo ènìyàn le. Ọ̀nà kan wà láti rí i: kí a ka iye -8 àti -9 láàárín àwọn tó kú àti láàárín àwọn tó yè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ti àwọn tó kú bá pọ̀ jù, àìsí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbé lásán mọ́. Kò sí bí a ṣe lè ka iye wọn bí gbogbo wọn bá jẹ́ òfìfo tàbí bí ẹnì kan bá ti fi 0 dí wọn.

Kí ló dé tí mo fi lo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo? Torí pé nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù àtijọ́, 99 tàbí 999 ni wọ́n ń lò fún àìsí. Ká ní obìnrin márùn-ún wà, ìfúnpá mẹ́rin jẹ́ 110, 120, 90 àti 80, ti ìkarùn-ún kò sí. Àròpín àwọn mẹ́rin jẹ́ 100. Bí oníṣirò bá gbàgbé pé 999 kì í ṣe ìfúnpá, àròpín á fò sókè dé 279.8, gbogbo ayé á sì rí i pé nǹkan ti bàjẹ́. Èyí kò burú. Bó bá jẹ́ 99 ni kóòdù náà, àròpín á di 99.8. Ó dára lójú, kò yàtọ̀ sí òtítọ́ púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ sì ni ìfúnpá 99 tí kò sẹ́ni tó wọ̀n ti wọ inú ìwádìí. Kò tún sí bí a ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ àìsí láàárín rẹ̀ àti obìnrin tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 99 lóòótọ́. Kóòdù àìsí gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí ara ènìyàn kò lè bí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ àkókò, torí òun gan-an ni ìwádìí WOMAN dá lé. Láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú kó tó pé wákàtí mẹ́ta tí wọ́n bí, ẹ̀jẹ̀ dídà pa 89 nínú àwọn tó gba oògùn, ó sì pa 127 nínú àwọn tó gba omi iyọ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, àǹfààní yẹn kò hàn mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti dámọ̀ràn láti 2017 pé kí wọ́n fúnni ní oògùn náà kí wákàtí mẹ́ta tó kọjá. Aago ni gbogbo rẹ̀.

Páálí oògùn kọ 12:40, kò sọ òru tàbí ọ̀sán. Bí ẹni tó ń da á kọ bá kọ 12:40 bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tó ń lo wákàtí mẹ́rìnlélógún, ó ti di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wákàtí mẹ́tàlá àti ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìbí. Obìnrin tó gba oògùn láàárín wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú á bọ́ sí agbo àwọn tó pẹ́ jù, kọ̀ǹpútà kò sì ní pariwo, torí kò sí òfin tó ní oògùn kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá mọ̀ pé òru ni, tó kọ 00:40, ṣùgbọ́n tó gbàgbé pé ọjọ́ ti yí padà, oògùn á dà bíi pé ó wọlé ní wákàtí méjìlélógún àti ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ìbí. Èyí ni kọ̀ǹpútà á rí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àṣìṣe tó bá mú ọ̀rọ̀ di ohun tí kò ṣeé ṣe máa ń tètè hàn. Èyí tó bá ṣeé ṣe ló ń sá pamọ́. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó wo ìwé ìgbàwọlé: 00:25 ni wọ́n dé, àwọn tó wà níṣẹ́ alẹ́ ló fọwọ́ sí páálí, nítorí náà 00:40 ni. Àkókò ìbí sì wá láti ẹnu ọkọ ní ìfojúdá, ìdí tí 1 fi wà nínú BIRTH_EST nìyẹn. Láìsí àmì kékeré yẹn, 23:00 tí ọkọ tí ẹ̀rù ń bà sọ á ní ọlá kan náà pẹ̀lú 23:00 tí nọ́ọ̀sì wò lára aago ògiri.

Oògùn kejì ńkọ́? Nínú ìwádìí náà, wọ́n lè tún un fún obìnrin bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí bó bá tún bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ìlà tí kò ní ọwọ́ kò sọ pé wọn kò fún un. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fún un, ẹni tó fún un kò padà wá kọ ọ́. Nítorí náà -9 ni, títí ẹ̀rí mìíràn á fi dé. Ìgò oògùn ìwádìí ní nọ́ńbà, àpótí tí wọ́n kó o sí sì wà: bí ìgò kejì bá ṣì wà nínú àpótí láìṣí, àkọsílẹ̀ àpótí oògùn di ẹ̀rí, -9 á sì yí padà sí 0, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó wò ó àti ọjọ́ tó wò ó.

Báyìí náà ni fún yíyọ ilé ọmọ, tí fáìlì kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ìbéèrè yìí wà lára èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwádìí náà, ẹni tó ń da á kọ kò sì gbọdọ̀ jókòó sójú kan. Á dìde lọ wo ìwé ńlá tíátà. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé tíátà láti ọjọ́ tó dé títí dé ọjọ́ tó lọ sílé, 0 tó ní ẹsẹ̀ ló kọ. Báńkì ẹ̀jẹ̀ náà ní ìwé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: báńkì ń kọ páìǹtì tó gbé jáde, fáìlì ń kọ èyí tó wọ ara aláìsàn. Bí báńkì bá ní mẹ́ta, tí fáìlì ní méjì, àwọn méjèèjì lè tọ̀nà, torí páìǹtì kan lè padà. Kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé wo ni a máa gbà gbọ́ fún ìbéèrè wo.

PCV ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ilé ìwòsàn wa máa ń wọn PCV, ìyẹn ìdá tí ẹ̀jẹ̀ pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù láti òkè òkun ń béèrè hìmọgilóbìn. Gbogbo nọ́ọ̀sì ló mọ̀ pé bí a bá pín PCV sí mẹ́ta, a ó súnmọ́ iye hìmọgilóbìn: 17 á di 5.7. Ìmọ̀ tó wúlò fún ìtọ́jú ni. Bí wọ́n bá kọ 5.7 sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n ti kọ ohun tí kò sí ẹ̀rọ tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń da á kọ á kọ 17 síbi PCV, á kọ -8 síbi hìmọgilóbìn, kí àwọn tó ń ṣèṣirò ní ìpínlẹ̀ tiwọn fi ọ̀nà kan náà yí gbogbo rẹ̀ padà bí wọ́n bá fẹ́.

Ohun kan tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà tó kọ̀ láti lọ sí ojú ewé tó kàn bí àpótí kan bá ṣófo, tí kò sì fúnni ní kóòdù àìsí. Ẹni tó ti rẹ̀, tí fáìlì mẹ́wàá ṣì wà níwájú rẹ̀, á kọ 120 lórí 80 kó lè kọjá. A máa ń mọ̀. Ìfúnpá tí ènìyàn wọ̀n máa ń fọ́n káàkiri: 118, 124, 96, 132. Bí ilé ìwòsàn kan bá ń mú 120 lórí 80 wá léraléra fún àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn, tí ìlùkìkì ọkàn wọn sì jẹ́ 140, ọwọ́ ló kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo gbà pé ẹni tó ṣe ètò náà ló jẹ̀bi ju ẹni tó tẹ nọ́ńbà náà lọ.

Lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù bá ti lọ, ìbéèrè á padà wá láti ibùdó: “SBP jẹ́ -7, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fìdí rẹ̀ múlẹ̀.” Ìdáhùn rẹ̀ á wá láti inú fáìlì nìkan. Bí àtúnṣe bá wà lórí bébà, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n á fà sórí èyí tó wà tẹ́lẹ̀, kí ó ṣeé kà síbẹ̀, wọ́n á kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á kọ ọjọ́ àti ìdí bó bá yẹ. Wọn kì í fi dáàpì funfun pa á rẹ́. Ohun tó tilẹ̀ léèwọ̀ ju ìyẹn lọ ni kí ẹnì kan mú bírò, kó padà sínú fáìlì aláìsàn, kó kọ ìfúnpá kan sí ibi tó ṣófo ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kí fáìlì lè bá fọ́ọ̀mù mu. Àwọn alábòójútó máa ń wá, wọ́n á tẹ́ fáìlì àti fọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á ka ìlà dé ìlà, yíǹkì tuntun nínú ojú ewé àtijọ́ kì í sì í pẹ́ hàn.

Ibi kan wà tí gbogbo ìṣọ́ra yìí kò lè dé. EBL_ML, iye ẹ̀jẹ̀ tó dà, jẹ́ -9 fún obìnrin wa, torí aṣọ tó rin gbindin kò ní mìlílítà. Ká tilẹ̀ ní nọ́ọ̀sì kọ 800, ojú ló fi wọ̀n ọ́n, ojú a sì máa kéré iye ẹ̀jẹ̀ tó bá pọ̀. Kò sí kóòdù tó lè dá ohun tí wọn kò wọ̀n padà. Ní 2023, ìwádìí E-MOTIVE, tó wáyé ní ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tansaníà, gbé ọ̀rọ̀ náà láti orísun. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan tó ní àpò àti ìlà ìwọ̀n sábẹ́ obìnrin lẹ́yìn ìbí, kí ẹ̀jẹ̀ máa ro sínú rẹ̀, wọ́n sì so ìtọ́jú pọ̀ mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n ti lo ètò yìí, wọ́n rí nǹkan bí 93 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà ju bó ṣe yẹ lọ. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 51 ni. Àwọn tó kù nínú ọgọ́rùn-ún yẹn bímọ, ẹ̀jẹ̀ wọn dà, fáìlì wọn kò sì sọ pé ó dà. Ẹni tó ń da irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kọ lè lo gbogbo àmì tó wà láyé, “bẹ́ẹ̀ kọ́” ló máa rí níbẹ̀, “bẹ́ẹ̀ kọ́” náà ló sì máa kọ.